Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Bí Ìpè Ṣe Lè Wọ Ilé Tí Ìgbì Fóònù Kò Wọ̀

Ní Ìdàáṣà, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Dassa-Zoumè, ènìyàn lè dúró lẹ́bàá títì ńlá tó lọ sí Parakou, kí ó bá ará Kútọnu sọ̀rọ̀ láìsí ìdíwọ́. Bí ẹni kan náà bá wọ inú ilé oní-sìmẹ́ǹtì ní ẹsẹ̀ òkè, ohùn lè bẹ̀rẹ̀ sí í já. Àwọn ìlà kéékèèké tó ń fi agbára ìgbì hàn lójú fóònù á dín kù, títí ìpè yóò fi gé. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi máa ń sáré jáde sí àgbàlá nígbà tí fóònù wọn bá dún, tí àwọn mìíràn sì ń fi fóònù sílẹ̀ lójú fèrèsé kan ṣoṣo tí rẹsó ti ń wọlé.

Fún ẹni tó kàn fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìyọlẹ́nu kékeré ni. Fún agbẹ̀bí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ìpè tí kò wọlé kì í kan ilẹ̀kùn. Agbẹ̀bí náà yóò jókòó sínú yàrá, fóònù rẹ̀ yóò dákẹ́, kò sì ní mọ̀ pé ọkọ aboyún kan ti pè é lẹ́ẹ̀mẹta láti abúlé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ojútùú kan ṣoṣo ló wà: kí ilé iṣẹ́ fóònù wá ri òpó mìíràn mọ́lẹ̀. Òpó wúlò, ṣùgbọ́n kò sí ilé iṣẹ́ tí yóò ri òpó nítorí yàrá kan tàbí ilé kan. Àwọn àgbà sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà kejì wà, ó sì ti wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù tí àwọn ènìyàn ń rà lónìí. Òun ni ìpè lórí Wifí, èyí tí ojú fóònù máa ń kọ báyìí: Appels Wi-Fi. Ó yẹ kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ṣí ọ̀nà yìí fún gbogbo oníbàárà, kí wọ́n má sì gba owó púpọ̀ sí i lórí rẹ̀. Ó sì yẹ kí àwọn ilé tí gbogbo ìlú ń lò mọ bí wọ́n ṣe lè gbà á wọlé.

Ohun tó ń dínà ìgbì

Ìgbì fóònù dà bí ìmọ́lẹ̀ àtùpà tí wọ́n gbé sórí òpó gíga. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá kọjú sí ni yóò mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn ohun tó bá dínà rẹ̀ yóò sì ṣókùnkùn. Ìlú òkè 41 ni wọ́n ń pe Ìdàáṣà, àpáta líle sì ni àwọn òkè náà. Ìgbì kì í gba inú àpáta bẹ́ẹ̀ kọjá. Díẹ̀ lè yí etí òkè ká, ṣùgbọ́n ilé tó bá wà ní ìdí òkè, ní ẹ̀yìn ibi tí òpó wà, inú òjìji ló wà. Nǹkan díẹ̀ ló ń rí gbà kí ó tó di pé ọ̀rọ̀ kan ògiri.

Ògiri náà yóò wá gba tirẹ̀. Ògiri sìmẹ́ǹtì tó nípọn lè gba ìdá 9 nínú ìdá 10 agbára ìgbì tó bá kàn án. Bí ògiri irú rẹ̀ kan bá tún wà láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti yàrá inú, ìdá 1 nínú ìdá 10 ti ohun tó ṣẹ́ kù ni yóò kọjá. Èyí túmọ̀ sí pé nínú ìdá 100 tó dé ìta ilé, ìdá 1 péré ló wọ yàrá inú. Òrùlé páànù ní tirẹ̀ máa ń dá ìgbì padà sókè ni. Ìdí nìyẹn tí ilé tuntun tó lágbára fi lè burú fún ìpè ju ahéré oníkoríko lọ.

Ohun kan tún wà tí kì í hàn sí ènìyàn. Kì í ṣe pé kí fóònù gbọ́ òpó nìkan. Òpó pẹ̀lú gbọ́dọ̀ gbọ́ fóònù. Òpó lágbára, fóònù kò lágbára. Nítorí náà, ìlà kan tàbí méjì lè hàn lójú fóònù, síbẹ̀ kí ìpè má lọ. Fóònù yóò máa pariwo títí kí òpó lè gbọ́ ọ, ariwo yìí ni yóò sì mú kí bátìrì rẹ̀ tètè tán. Ẹni tí bátìrì rẹ̀ ń yára tán nínú ilé kan ju ìta lọ, tí kò sì lo fóònù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ti rí àmì kan pé ìgbì kò tó nínú ilé náà.

Bí ìpè ṣe ń gba ojú Wifí kọjá

Wifí ni ìgbì kékeré tó ń jáde láti inú àpótí kan nínú ilé, tó sì ń so fóònù pọ̀ mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ìpè lórí Wifí bá ti ṣí, fóònù kò ní máa wá òpó tó wà lẹ́yìn òkè mọ́. Yóò di ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni di lẹ́tà sínú àpòòwé, yóò tì í pa kí ẹlòmíràn má bàa gbọ́ ọ lójú ọ̀nà, yóò sì fi íńtánẹ́ẹ̀tì rán an lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ tó ni káàdì síìmù. Ilé iṣẹ́ náà yóò yẹ síìmù wò gan-an bí òpó ṣe máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, yóò gba ìpè náà, yóò sì gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ń pè.

Níbí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti Wasápù ti hàn. Kí Wasápù tó ṣiṣẹ́, ẹni méjèèjì gbọ́dọ̀ ní íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn méjèèjì sì ní Wasápù. Ìpè lórí Wifí kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnì kejì. Ìyá àgbà tó wà ní oko, tó ń lo fóònù kékeré olótọ́ọ̀ṣì, yóò gbọ́ kí fóònù rẹ̀ dún bí ó ṣe máa ń dún. Nọ́ńbà tó ti mọ̀ ni yóò rí. Bí òun náà bá pe nọ́ńbà yẹn padà, ìpè rẹ̀ yóò gba ojú Wifí wọ inú yàrá tí òpó kò lè dé. Àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú pẹ̀lú sábà máa ń gba ọ̀nà kan náà wọlé.

Kì í ṣe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ T-Mobile ti ń ta irú ìpè báyìí fún àwọn oníbàárà rẹ̀ láti ọdún 2007. Ní ọdún 2014, ó wọ inú fóònù iPhone. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ilé iṣẹ́ EE ṣí i fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ti jẹ́ bíríkì nínípọn tí yàrá sì wà lábẹ́ ilẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ìlú Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ irú yàrá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ìṣòro ògiri kì í ṣe ti Ìdàáṣà nìkan. Òkè ló fi kún un níbí.

Àpẹẹrẹ ilé ìgbẹ̀bí kan

Kí òǹkàwé fojú inú wo ilé ìgbẹ̀bí kan ní ìdí òkè. Ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan àti yàrá mẹ́rin. Yàrá tí àwọn aboyún ti ń bímọ wà ní inú pátápátá, ibẹ̀ sì ni agbẹ̀bí máa ń wà lóru. Nínú yàrá yẹn, ìpè kò wọlé. Ní fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí títì, ìlà mẹ́ta máa ń hàn lójú fóònù.

Ìgbésẹ̀ kìíní ni láti wá irú fèrèsé bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan yóò mú fóònù lọ́wọ́, yóò sì rìn yí ilé ká díẹ̀díẹ̀. Níbi kọ̀ọ̀kan yóò dúró ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan, nítorí pé àwọn ìlà kì í yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí ìlà bá ti pọ̀ jù, tí 4G sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà ilé fún ìgbì.

Ìgbésẹ̀ kejì ni láti gbé àpótí Wifí síbẹ̀. Irú àpótí kékeré kan wà tó ń gba káàdì síìmù bíi ti fóònù. Yóò gba ìgbì 4G lójú fèrèsé, yóò sì sọ ọ́ di Wifí fún inú ilé. Bí kò bá sí owó àpótí, fóònù kejì lè ṣe iṣẹ́ náà bí wọ́n bá ṣí Partage de connexion lórí rẹ̀, tí wọ́n sì so ó mọ́ iná. Ìgbì tó ṣòro fún òpó láti gbé wọ yàrá ni àpótí yìí yóò gbà wọlé láti ojú fèrèsé. Kí wọ́n má gbé e sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù onírin, nítorí ògiri àti irin ń dínà Wifí pẹ̀lú. Bí àpótí bá fúnni ní yíyàn méjì, 2,4 GHz ń la ògiri kọjá ju 5 GHz lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni láti ṣí ìpè lórí Wifí nínú fóònù agbẹ̀bí. Lẹ́yìn tí fóònù bá ti wọ Wifí, kí ó ṣí Paramètres, tàbí Réglages bí ó bá jẹ́ iPhone. Kí ó kọ Appels Wi-Fi sí ibi ìwákiri, kí ó sì tan án. Bí fóònù bá béèrè èyí tí yóò kọ́kọ́ lò, kí ó yan Wifí. Àìṣe bẹ́ẹ̀ lè mú kí fóònù máa rọ̀ mọ́ ìlà kan ṣoṣo tó rí láti ọ̀dọ̀ òpó, kí ìpè sì máa já.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni ìdánwò, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Kí agbẹ̀bí tan Mode avion, kí òpó má lè dé ọ̀dọ̀ fóònù rẹ̀ rárá. Lẹ́yìn náà kí ó tún tan Wi-Fi nìkan. Kí ó wá tẹ nọ́ńbà ẹnì kan bí ó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe nínú Wasápù. Bí ìpè bá lọ, ọ̀nà ti là. Kí ó ní kí ẹni náà pè é padà, kí ó lè mọ̀ pé ìpè ń wọlé pẹ̀lú. Lẹ́yìn èyí ni kí ó pa Mode avion.

Ìnáwó íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò pọ̀. Ìpè ìṣẹ́jú kan ń jẹ nǹkan bí mẹ́gà kan. Bí agbẹ̀bí bá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan lójúmọ́, mẹ́gà 60 ni. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, mẹ́gà 1.800 ni, kò tó jígà méjì. Ẹni tó ń wo fídíò lè lo iye yẹn láàárín wákàtí díẹ̀.

Níbi tí 4G kò bá sí lójú fèrèsé kankan, íńtánẹ́ẹ̀tì lè wá láti ojú ọ̀run. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni Starlink ti wà fún títà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Òpó tó wà lẹ́yìn òkè kò kàn án, ṣùgbọ́n àwo rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ojú ọ̀run gbalasa. Bí òkè tàbí igi ìrókò bá bo apá kan, ohùn yóò máa já láti ìgbà dé ìgbà. Owó rẹ̀ ga fún ìdílé kan, ṣùgbọ́n ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn lè rí i pé ó tọ́ sí i.

Ibi tí ọ̀nà náà pin sí

Ẹni tó bá yin ọ̀nà yìí láìsọ àléébù rẹ̀ kò ṣe òótọ́. Àléébù àkọ́kọ́ ni iná. Bí iná SBEE bá lọ, àpótí Wifí yóò kú, ìpè yóò sì kú pẹ̀lú rẹ̀, bí òpó tó wà lẹ́bàá títì tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ. Bátìrì kékeré oní-12 V, irú èyí tí wọ́n ń lò fún ọ̀kadà, lè gbé àpótí kékeré náà fún wákàtí díẹ̀, bí ó bá ní ẹ̀rọ tó ń bá a díwọ̀n iná tí àpótí ń fẹ́. Ilé ìgbẹ̀bí tí kò bá ní bátìrì bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé Wifí lóru.

Àléébù kejì ni ẹnu ilẹ̀kùn. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí Wifí bá jáde kúrò nínú ilé, ìpè lè bọ́ sọ́wọ́ òpó láìjá, bí òpó náà bá lè gbé ohùn lórí 4G, tí ilé iṣẹ́ àti fóònù sì gbà bẹ́ẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìpè yóò gé ní kété tí Wifí bá tán. Kí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ pàtàkì sọ dúró sójú kan títí ọ̀rọ̀ yóò fi parí.

Àléébù kẹta ni pé ìpè lórí Wifí lè má sọ ibi tí ènìyàn wà fún àwọn tó ń gba ìpè pàjáwìrì. Òpó máa ń fi agbègbè hàn. Wifí kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá pe panápaná tàbí ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ ìlú, àdúgbò àti ohun kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nítòsí. Bákan náà, àwọn àṣẹ oníràwọ̀ tí wọ́n fi ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù lè kọ̀ láti gba ojú Wifí kọjá. Ẹni tó fẹ́ rán owó ṣì lè ní láti jáde sí àgbàlá.

Àléébù kẹrin wọ́pọ̀ ní ọ́fíìsì. Wifí lè ṣiṣẹ́, ìwé ìròyìn lè ṣí lórí fóònù, síbẹ̀ kí ìpè má lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ń bójú tó íńtánẹ́ẹ̀tì ilé náà ló ti ti ọ̀nà tí ìpè ń gbà. Kí wọ́n sọ fún un pé kí ó ṣí UDP 500 àti UDP 4500. Ọ̀rọ̀ yìí yóò yé e lójú ẹsẹ̀. Láti mọ̀ bóyá ibẹ̀ ni àìsàn wà, kí wọ́n gbé fóònù kan náà lọ sórí Wifí mìíràn. Bí ìpè bá lọ níbẹ̀, Wifí ọ́fíìsì ló ní ẹ̀bi, kì í ṣe fóònù.

Ohun tó yẹ kí àwọn aláṣẹ ṣe

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀nà yìí yóò fún àwọn ilé iṣẹ́ ní àwáwí, pé wọ́n á ní kí oníbàárà lọ wá Wifí tirẹ̀ dípò kí wọ́n ri òpó. Ẹ̀rù náà tọ́. Darandaran tó wà nínú igbó kò ní àpótí Wifí, bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ tó wà lóko. Abúlé tí ìgbì kò dé rárá kò gbọdọ̀ gba Wifí gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ abúlé. Níbi tí ìgbì ti dé ẹnu ọ̀nà tó sì kọ̀ láti wọlé, òpó tuntun lè má yí ohunkóhun padà nínú yàrá inú, nítorí ògiri yóò ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀sùn tó wúwo jù ni ti owó. Ẹni tó bá pe ènìyàn lórí Wifí ti ra íńtánẹ́ẹ̀tì tí ìpè gbà kọjá. Bí ilé iṣẹ́ bá tún gba owó ìpè lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì fi owó mìíràn lé e nítorí pé ó lo Wifí, ẹlẹ́rù náà ló gbé ẹrù rẹ̀, òun náà ló tún ń san owó alábàárù. Ó tọ́ kí iye owó ìpè bẹ́ẹ̀ má ju ti ìpè lásán lọ láé.

Síìmù pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Fóònù kan náà lè ṣe ìpè lórí Wifí pẹ̀lú síìmù ilé iṣẹ́ kan, kí ó sì kọ̀ pẹ̀lú ti òmíràn, nítorí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu irú fóònù tí yóò gbà láàyè. Oníbàárà tó wá Appels Wi-Fi títí tí kò rí i kò lè mọ̀ bóyá fóònù rẹ̀ ni kò tó tàbí síìmù ni kò gbà. Ó yẹ kí MTN, Moov Africa àti Celtiis lẹ orúkọ àwọn fóònù tí wọ́n gbà mọ́ ara ògiri ibi tí wọ́n ti ń ta síìmù, kí ẹni tó fẹ́ ra fóònù lè kà á kí ó tó sanwó. Ó yẹ kí ARCEP, àjọ tó ń ṣe àbójútó wọn, béèrè fún un.

Iṣẹ́ tó kù wà lọ́wọ́ àwọn ará ilé. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn tó ti ń san owó íńtánẹ́ẹ̀tì lóṣooṣù lè ti ní ọ̀nà náà nínú ilé láìmọ̀. Ìdánwò Mode avion kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Bí ó bá yege, kí wọ́n fi àpótí náà sábẹ́ bátìrì, kí wọ́n sì kọ́ ẹni tó ń ṣọ́ òru bí wọ́n ṣe ń lò ó. Bí kò bá yege, wọ́n á lè mú ẹ̀dùn ọkàn pàtó lọ bá ilé iṣẹ́ fóònù: pé ìgbì dé ojú fèrèsé, pé Wifí ń ṣiṣẹ́, pé síìmù wọn nìkan ló ṣẹ́ kù kí wọ́n ṣí. Irú ẹ̀dùn ọkàn bẹ́ẹ̀ ṣòro fún ilé iṣẹ́ láti yẹ̀ sílẹ̀.